Ìwé Oògùn Tí Wọ́n Ká Lókè, Tí Wọ́n Ká Nísàlẹ̀

Fọ́tò ìwé oògùn ló ń kí mi káàárọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi á jí, ọmọ-ọmọ wọn á pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín kèékèé. Tèmi bá dún, kí n tó bọ́jú pàápàá, ìkọ̀wé dókítà kan ni, tí ẹnì kan yà níbi tí kò sí iná, tí àtàǹpàkò rẹ̀ sì bo ìdajì. "Ẹ kú àárọ̀ mà, ẹ bá mi wo èyí." Ó parí. Kò sí "ṣé dáadáa lẹ jí?" Kò sí "ara ńkọ́?"

Mi ò lè bá wọn jà. Èmi fúnra mi ni mo kọ nọ́ńbà mi gàdàgbà sára pátákó ilé oògùn mi n'Íkirè, létí títì tó lọ sí Ifẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti lọ, èmi nìkan ni mo ń ṣí i, èmi nìkan ni mo ń tì í. Àwọn ọmọ wà lókè òkun, wọ́n ń ṣe dáadáa, a dúpẹ́. Wọ́n ń pè lọ́jọ́ Sunday bí nẹ́tíwọ̀kì bá gbà. Nírọ̀lẹ́, rédíò ni mo máa ń bá jiyàn. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn mi láti ìta á rò pé mo ní àlejò.

Ọkùnrin kan ní Èkó ló fi fọ́tò tí mo fẹ́ sọ yìí ránṣẹ́. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ní òun ya nọ́ńbà mi lára pátákó lọ́jọ́ kan tí òun ń kọjá. Ìyá òun ń dá gbé ní Apòmù, wọ́n ti lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn kan, dókítà sì ti kọ oògùn. Ó ní ọmọbìnrin tó ń ṣe POS níwájú ilé ló bá wọn ya ìwé náà. Kí n wò ó, kí n sọ iye tí yóò jẹ́, kí n sì fún ọlọ́kadà gbé lọ. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé iṣu ló ń rà.

Mo gbé awò mi sójú. Mo fa fọ́tò náà tóbi, mo tún fà á. Ìlà méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ìlà kìíní kò ṣòro: folic acid ni, oògùn ẹ̀jẹ̀ kékeré tí gbogbo obìnrin tó ti lóyún rí mọ̀. Ìlà kejì ló ní wàhálà. M, E, T hàn kedere, lẹ́yìn náà ìkọ̀wé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó wọ́ bí ipa ìgbín, títí ó fi dé "10mg". Lẹ́yìn rẹ̀, dókítà kọ "lẹ́ẹ̀kan" ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sì tán. Lẹ́ẹ̀kan kí ni? Lójúmọ́? Lọ́sẹ̀? Kò sí orúkọ aláìsàn, kò sí ọjọ́ orí, kò sí déètì. Orúkọ ilé ìwòsàn kò sí, dókítà kò sì fọwọ́ sí i. Ìwé tí kò lórí, tí kò nídìí.

Oògùn tó fi M, E, T bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan wà fún àtọ̀gbẹ. Òmíràn wà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, òmíràn ń lé omi jáde lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Òmíràn tún wà fún ìgbẹ́ ọ̀rìn, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan sì wà tó ń jẹ́ methotrexate, tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì ń lò díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àìsàn oríkèé tó ń mú kí ìka wú, kó sì wọ́. Ẹni tó bá ń lo èyí fún oríkèé, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ ló ń lò ó, folic acid ló sì sábà máa ń tẹ̀ lé e. Bó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ á bó, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa gbẹ láti inú egungun, àgbàlagbà kì í sì í pẹ́ kó tó lọ níbẹ̀. Mo ti rí òkú irú ẹ̀ rí, nígbà tí mo wà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Mi ò fẹ́ rí òmíràn.

Methotrexate ló jọ lójú mi, nítorí folic acid tó wà lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjọ kì í ṣe jíjẹ́. Mo kọ̀wé sí i: "Kí ló ń ṣe ìyá rẹ gan-an?"

Ó ní, "Ara ríro ni, mà. Ẹ mọ àwọn àgbà."

"Ara ríro níbo? Ọwọ́? Ẹsẹ̀? Ṣé wọ́n ní àtọ̀gbẹ? Ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n lọ?"

Ó kọ̀wé padà: "Wọ́n á ti lé ní àádọ́rin. Wọn ò sọ ilé ìwòsàn fún mi. Ṣé ẹ ní oògùn náà tàbí ẹ ò ní, mà?"

Inú bí mi. Ọmọ bíbí inú wọn, kò mọ ibi tó ń dun ìyá rẹ̀! Ojú ẹsẹ̀ náà ni mo rántí àwọn tèmi lókè òkun, pé bí ẹnì kan bá bi wọ́n léèrè orúnkún wo ló ń dùn mí, wọn ò ní mọ̀. Inú tó ń bí mi bá rọ̀, ó wá di nǹkan mìíràn tí n kò fẹ́ràn.

Mo sọ fún un pé n kò níí ta oògùn lórí fọ́tò yìí. Kó gbé ìwé náà gan-an wá, tàbí kó wá nọ́ńbà dókítà, kí n bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi. Ó fèsì pé òun ti fi fọ́tò náà han ẹ̀rọ kan nínú fóònù òun, èyí tó máa ń dáhùn ìbéèrè, ó sì ti kà á. Ó fi èsì ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ kí n rí i. Mo kà á látòkè délẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní ó jọ methotrexate, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé náà kò dá òun lójú, ó jọ pé ìwé náà kò pé, oògùn yìí léwu bí wọ́n bá ṣì í lò, kí apòògùn tàbí dókítà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ àti iye kí ẹnikẹ́ni tó gbé e mì. Mo rẹ́rìn-ín, mo pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ lára mọ̀ pé òun kò mọ̀! Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀gbẹ́ni kà.

"Ka ìyókù," mo kọ bẹ́ẹ̀ sí i.

Kò fèsì mọ́. Mo gbà pé ó ti bínú. Ó sì dà bíi pé gbogbo ìlú ló bá a bínú sí mi, nítorí kò sí ẹni tó wọ ilé oògùn mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn àfi ọmọ tó wá ra paracetamol. Mo tò páálí, mo tú u palẹ̀, mo tún un tò.

Nígbà tí ọjọ́ mélòó kan ti kọjá, ọkàn mi ò balẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò níí jẹ́ ká sùn. Ìyá náà kì í ṣe ará ilé mi o, ṣùgbọ́n ta ni ará ilé mi gan-an? Mo tún kọ̀wé sí ọmọ wọn: "Báwo ni ìyá? Ibo lẹ bá ọ̀rọ̀ oògùn yẹn dé?"

Ó ní, "A ti rí i rà l'Ékòó, mà. Mo fún awakọ̀ gbé lọ sí Apòmù ní ìjẹrin. Mo ti sọ fún wọn bí wọ́n á ṣe máa lò ó, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Wọ́n ní àwọn ti ń lò ó. Ẹ ṣeun."

Mẹ́rin lójúmọ́! Mo pè é, mo pariwo lé e lórí bí ẹni pé èmi ni mo bí i: "Sọ fún wọn kí wọ́n má fi kan ẹnu mọ́! Ibo nilé wọn wà?" Ohùn rẹ̀ yí padà. Ó júwe: ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé tí POS wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun ń pe ìyá òun báyìí. Mo ti ilẹ̀kùn ilé oògùn, mo fẹsẹ̀ kan gun ọ̀kadà. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń ronú ohun tí n ó bá níbẹ̀: ẹnu tó bó, egbò nínú ètè, ibà, ara tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí kò sẹ́ni tó nà án. Láti ìjẹrin. Mo ń bẹ ọlọ́kadà pé kó rọra, mo tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yára. Ó ní, "Mummy, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀."

Mo bá ìyá náà, Àlájà, lórí àga lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n wọ híjáàbù funfun, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí itan. Fóònù wọn ń dún nínú yàrá, wọn ò dìde láti gbé e. Mo wo ọwọ́ yẹn, mo sì ti mọ ìdí rẹ̀. Oríkèé ìka wọn ti wú, wọ́n ti wọ́ síbì kan, ọwọ́ tí kò ní lè ṣí ìdérí ìgò mọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Áà, dókítà," ni wọ́n wí. Gbogbo ayé ló ń pe apòògùn ní dókítà, mo ti tún un ṣe títí ó ti sú mi. "Ọmọ mi ló rán ọ. Jókòó. Ṣé o máa mu omi?"

"Ẹ ṣeun, Àlájà. Oògùn tó dé láti Èkó, ṣé ẹ ti ń lò ó?"

"Mo ń lò ó."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tó ti dé náà ni. Ọmọ mi kú iṣẹ́ o. Sọ fún un pé mo ń lò ó."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n la ẹnu. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, ṣùgbọ́n wọ́n là á. Mo fi iná fóònù wò ó. Ahọ́n wọn mọ́, ẹrìgì wọn pọ́n dáadáa, kò sí egbò kankan. Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, kò gbóná. Mo béèrè oògùn. Wọ́n fi àgbọ̀n hàn mí, wọ́n nawọ́ sí i lábẹ́ tábìlì inú pálọ̀, mo wọlé lọ mú lailọ́ọ̀nù rẹ̀ jáde. Methotrexate ni, ti 2.5mg, ẹni tó tà á sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé mẹ́rin lójúmọ́. Mo tú u. Kò sí ẹyọ kan tó jáde nínú sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Gbogbo ojú rẹ̀ ló pé.

"Àlájà. Ẹ ò lo ìkankan."

Wọ́n yí ojú sí títì.

"Má sọ fún un. Ó náwó lé e, á bínú. Oògùn tuntun ni, n ò lò ó rí. Ìgbà kan wà tí mo lo oògùn tuntun, ó yí mi lójú, ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Bàbá wọn wà láyé nígbà náà, òun ló gbé mi. Tó bá tún yí mi báyìí, ta ló máa rí mi? Ọmọ POS yẹn, tó bá ti ṣíwọ́, ó ti lọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí n dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá wà nílé." Wọ́n fa híjáàbù wọn bo ọwọ́. "Kò tíì sí ẹnì kankan tó wá."

Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọn ò lò ó, ẹnu mi sì wúwo. Bí ilé yẹn bá kún fún èèyàn ni, wọn ì bá ti máa ki í bọ wọ́n lẹ́nu ní mẹ́rin-mẹ́rin, pẹ̀lú ìfẹ́, pẹ̀lú omi tútù. Ìdánìkanwà ló yọ wọ́n. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ burúkú tí mo ń sọ.

Mo béèrè ìwé tí dókítà kọ. Wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n yọ ọ́ jáde, ó ti kéré bíi tírà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Wọ́n ká a lókè, wọ́n tún ká a nísàlẹ̀, wọ́n sì fi èékánná tẹ ojú rẹ̀ títí ó fi lẹ̀ pẹrẹsẹ. Àárín nìkan ni wọ́n jẹ́ kí ọmọ POS yà.

"Kí ló dé tí ẹ ká a báyìí, Àlájà?"

"Ṣé kí n gbé orúkọ mi lé ayé lọ́wọ́ ni? Orúkọ mi ló wà lókè yẹn. Òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn ló wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá mọ̀wé á mọ irú àìsàn tí mo gbé lọ. Fọ́tò inú fóònù, ṣé èèyàn mọ ilé tó máa dé? Oògùn ni wọ́n fẹ́ rí, oògùn ni mo fi hàn wọ́n."

N kò lè bú wọn. Ìyá tèmi náà, bí wọ́n bá ń lọ ilé ìwòsàn, wọ́n á ní ọjà làwọn ń ná. A kì í fi ibi tó ń dunni han gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Mo rọra tú ìwé náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lókè ni orúkọ wọn wà, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn, déètì, àti nọ́ńbà fáìlì. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn ojú ibi tí wọ́n ká, ọ̀rọ̀ kan wà tó jọ "lọ́sẹ̀", òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó lè jẹ́ Mọ́ńdè. Lábẹ́ rẹ̀ ni dókítà fọwọ́ sí, òǹtẹ̀ sì wà pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn.

Ẹlòmíràn ì bá ní ó ti tán. Lójú tèmi kò tíì tán. "Ó jọ" ló mú wa dé ibi tí a dé yìí. Mo tẹ nọ́ńbà náà. Wọ́n gbé mi láti tábìlì dé tábìlì, orin wọn ń kọ sí mi létí, Àlájà ń wò mí. Nígbà tó yá, dókítà náà fúnra rẹ̀ bọ́ sórí fóònù, ohùn ọmọbìnrin. Mo sọ orúkọ mi àti iṣẹ́ mi, mo fún un ní nọ́ńbà fáìlì. Mo dúró kó wá a, kó má fi orí lásán dá mi lóhùn. Ó ní òun ti rí i.

Mo ní, "Dókítà, n ó ka ohun tí mo rò pé ẹ kọ, ẹ sọ fún mi bó bá rí bẹ́ẹ̀." Mo pe lẹ́tà oògùn náà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Míligíráàmù mẹ́wàá, ọ̀kan àti òdo. Ti 2.5 ló wà lọ́wọ́ wa, ẹyọ mẹ́rin nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀, ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan, fún oríkèé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lọ́sẹ̀ o. Folic acid ní ọjọ́ mìíràn, Wednesday. Ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò dára, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò bí a ṣe kọ ọ́ sí káàdì wọn." Ó tún béèrè: "Mà, ṣé wọ́n ti lò ó lójoojúmọ́ ni?"

"Wọn ò lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, tí ẹ bá tún kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

"Ẹ má bínú, mà," ni ó wí.

Mo fa ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ oògùn ya. Mo kọ òmíràn: Mọ́ńdè nìkan. Àlájà ní Àtìní làwọn ń pe Mọ́ńdè, mo bá kọ Àtìní sí i. Mo ní tí egbò bá yọ lẹ́nu, tí ibà bá dé, tí èémí bá ń há, kí wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má sì lo òmíràn. Mo pe ọmọ wọn, mo sọ fún un pé kò sí ewu. Ó ń sunkún. N kò sọ fún un pé wọ́n purọ́ fún un. Mo ní kó wá wo ìyá rẹ̀. Ó ní òun á gbìyànjú.

Nígbà tí mo dìde, Àlájà ní, "Ní Àtìní ńkọ́? Ta ló máa wà níbí?"

Mo ní n ó wá.

Ní Mọ́ńdè, mo ṣí ilé oògùn pẹ́. Apòmù ni mo kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ti se ẹ̀wà, wọ́n sì ti gbé àga kejì síta. Lẹ́yìn tí a jẹun, mo yọ mẹ́rin jáde fún wọn, nítorí ìka wọn kò lágbára láti tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n ní "Bìsìmílláì," wọ́n gbé e mì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

"Jókòó díẹ̀ sí i," ni wọ́n wí. "Ká wò ó bóyá á yí mi. Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó hàn?"

Oògùn yẹn kì í ṣe èyí tó ń hàn lójú ẹsẹ̀. Èébì tí ó bá ń fà, ó lè di alẹ́, ó lè di ọjọ́ kejì. Ìwòsàn rẹ̀ ńkọ́, ó di ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Jíjókòó tí mo jókòó tì wọ́n kò lè sọ ohunkóhun fún wa. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń bá àwọn èèyàn jà pé kí wọ́n sọ ohun tó rí gẹ́lẹ́.

Mo ní, "Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, Àlájà. Ó lè di ọ̀sán."

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọn ò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.